Ẹrù Tí A Gbé Jáde Kúrò Nílé: Ibi Tí Ìwé "Ọ́ọ̀lù Rísìkì" Parí Sí

 

Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, àwọn éjéńtì adójútòfò kì í wọ́n mọ́ ní ojú ìsọ̀ wa. Ìwé tí wọ́n ń gbé kiri ni èyí tí wọ́n ń pè ní "ọ́ọ̀lù rísìkì". Wọ́n ní ó máa ń ṣọ́ fóònù, láptọ́ọ̀pù àti kámẹ́rà tí èèyàn bá gbé jáde kúrò nílé. Àwọn kan nínú wa ti sanwó, àwọn kan sì ti lé éjéńtì lọ pé olè ni. Èrò tiwa rèé: ìwé náà wúlò, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ tóbi ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ rà á, kó kọ́kọ́ mọ ibi tó parí sí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé. Àwọn tó ní ìwé adójútòfò ilé máa ń rò pé gbogbo ohun tó bá ti jẹ́ tiwọn ló wà lábẹ́ ìwé náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹrù tó wà láàárín ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ìwé ilé ń ṣọ́: bí iná bá jó o, tàbí bí olè bá jálẹ̀kùn wọlé. Bí ọmọ yín bá ti ki láptọ́ọ̀pù bọ àpò, tó sì ti fi ẹsẹ̀ kan tẹ ìta, ìwé ilé ti dágbére fún un. Kódà nínú ilé, ọ̀pọ̀ ìwé bẹ́ẹ̀ fẹ́ rí ilẹ̀kùn tí wọ́n fọ́. Ẹni tó kàn rọra wọlé níbi tí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, tó sì mú fóònù lọ, ẹ lè má rí kọ́bọ̀ gbà nítorí rẹ̀.

Àlàfo yìí ni "ọ́ọ̀lù rísìkì" wá dí. Ẹrù ló ń tẹ̀ lé, kì í ṣe ògiri. Wọ́n á kọ ẹrù kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ní orúkọ, irú rẹ̀, nọ́ńbà ara rẹ̀ àti iye owó rẹ̀. Bó bá bọ́ lulẹ̀ nínú dáńfó tó fọ́, bí omi bá dà sí i, bí jàgùdà bá já a gbà lọ́wọ́ yín, ìwé náà ní ohun tó máa sọ. Ẹrù tí kò bá sí nínú àkọsílẹ̀ náà kò sí nínú àdéhùn o. Fóònù tuntun tí ẹ rà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, bí ẹ kò bá lọ fi kún un, ẹ̀yin nìkan lẹ ń ṣọ́ ọ.

Wàyí o, "ọ́ọ̀lù" kì í ṣe gbogbo. Fóònù tó kú fúnra rẹ̀, bátìrì tó ti gbó, ara tó họ nítorí lílò, wọn kò ní san án. Owó tó wà nínú fóònù kò sí níbẹ̀ rárá. Bí olè bá fi fóònù yín wọ inú àkáǹtì, tó sì kó owó lọ, báǹkì lẹ máa lọ bá. Fóònù nìkan ni ìwé yìí mọ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n kọ fún ẹrù ara ẹni ló sì ń yọ ẹrù òwò sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi fóònù ya àǹkárá àti léèsì, tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí oníbàárà lórí Wáásáàpù, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún éjéńtì, kó sì kọ ọ́ sínú ìwé. Bí ẹ bá fi pa mọ́, ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbowó ni wọ́n máa mú un jáde. Àwọn tó ń ná ọjà Kùtọnu ńkọ́? Ẹ béèrè bóyá ìwé náà kọjá bọ́dà Sẹ̀mẹ̀. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé Nàìjíríà nìkan, ìwé náà kò mọ Kùtọnu.

Ibi tí ìjà ti ń pọ̀ jù ni ọ̀rọ̀ "ẹrù tí a fi sílẹ̀ láìsí olùṣọ́". Ọ̀pọ̀ ìwé yìí ló sọ pé àwọn kò ní san owó ẹrù tí wọ́n jí nígbà tí kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Ẹrù inú ọkọ̀ máa ń le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó gbọ́dọ̀ wà nínú búùtù tí a tì pa, kí ojú má rí i láti ìta, kí àmì sì wà pé olè fi agbára ṣí ọkọ̀ náà. Láptọ́ọ̀pù tí ẹ gbé sórí àga ẹ̀yìn, kí ẹ tó lọ ra búrẹ́dì, ti jáde nínú àdéhùn.

Ẹ wá wo ìsọ̀ tiwa. Oníbàárà dé, ẹ dìde láti fa aṣọ láti òkè, fóònù wà lórí tábìlì, ẹ kọ ẹ̀yìn sí i. Kí ẹ tó yíjú padà, ó ti lọ. Ṣé ẹ fi sílẹ̀ ni, àbí ẹ wà lọ́dọ̀ rẹ̀? Ẹ̀yin á ní ẹ kò kúrò nínú ìsọ̀, wọ́n á ní ojú yín kò sí lára rẹ̀. Lójú tiwa, obìnrin tó wà nínú ìsọ̀ rẹ̀ kò fi ẹrù rẹ̀ sílẹ̀, kò sì tọ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ dá a padà lọ́wọ́ òfo. Ṣùgbọ́n èrò tiwa kọ́ ni wọ́n máa kà lọ́jọ́ náà, ohun tó wà nínú ìwé ni. Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ bi éjéńtì ní ìbéèrè yìí gan-an: "Bí wọ́n bá jí i lórí tábìlì mi nígbà tí mo wà nínú ìsọ̀, ṣé ẹ máa san?" Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kó kọ ọ́, kí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sì fọwọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ ẹnu kì í gbowó.

Ohun kejì tó ń dá wàhálà sílẹ̀ ni iye tí a kọ. Àwọn kan máa ń kọ iye kékeré kí owó ọdọọdún lè fúyẹ́. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wò ó. Ká ní láptọ́ọ̀pù ọmọ yín ń lọ ní ₦600,000 lọ́jà lónìí, ilé-iṣẹ́ náà sì ń gba náírà mẹ́ta lórí ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Bí ẹ bá kọ ₦600,000, ẹ máa san ₦18,000. Ẹ wá kọ ₦400,000, ẹ san ₦12,000. Ẹ ti fi ₦6,000 pamọ́. Láptọ́ọ̀pù bọ́ lulẹ̀ nínú ọkọ̀, ojú rẹ̀ fọ́, àtúnṣe rẹ̀ jẹ́ ₦150,000. Ẹ máa rò pé ₦150,000 kò tó ₦400,000, wọ́n á san gbogbo rẹ̀. Rárá o. Bí òfin tí wọ́n ń pè ní áfárééjì bá wà nínú ìwé yín, wọ́n á ní ìdá méjì nínú mẹ́ta iye ẹrù yìí lẹ kọ, ìdá méjì nínú mẹ́ta òfò náà làwọn máa gbé. Ìyẹn jẹ́ ₦100,000.

Kò tíì parí. Iye kan wà nínú gbogbo òfò tí ẹni tó ní ẹrù gbọ́dọ̀ fi ara rẹ̀ gbé. Ká ní náírà mẹ́wàá lórí ọgọ́rùn-ún ni. Wọ́n á yọ ₦10,000, ₦90,000 ló máa délé. Ẹni tó kọ iye tó pé, tó san ₦18,000, yóò gba ₦135,000. Ẹni tó fi ₦6,000 pamọ́ ti pàdánù ₦45,000.

Kì í sì í ṣe àwọn tó mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ kéré nìkan ni èyí ń mú. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa fúnra rẹ̀ dá iye rẹ̀, owó ẹrù òkèèrè ti fò sókè gidigidi. Ẹni tó kọ iye tó pé nígbà náà, tó kàn ń sanwó lọ́dọọdún láìyí nǹkan kan padà, ìwé rẹ̀ ti kéré sí ẹrù rẹ̀ láìmọ̀. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ tún un san, ẹ béèrè iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà lọ́jọ́ náà. Ẹ béèrè bákan náà bóyá tuntun ni wọ́n máa fi dípò, àbí wọ́n á yọ owó ọjọ́ orí rẹ̀ kúrò.

Ohun kẹta ni ẹ̀rí. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ẹni tí kò ní rìsíìtì, tí kò mọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀, wọ́n lè bi í bóyá ó ní fóònù náà rí. Ẹ tẹ *#06# lórí fóònù yín, nọ́ńbà kan tó ní ẹyọ 15 máa jáde, òun ni IMEI. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ fi ìwé náà sílé pẹ̀lú rìsíìtì. Ẹni tó kọ ọ́ pamọ́ sínú fóònù kan náà ti fún olè ní méjèèjì. Bí wọ́n bá jí ẹrù yín, ẹ tètè lọ àgọ́ ọlọ́pàá, kí ẹ gba ìwé ẹ̀rí pé ẹ fi ẹjọ́ sùn, kí ẹ sì kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà. Ìwé yín ló ń sọ iye ọjọ́ tí ẹ ní. Ẹ kà á kí òfò tó dé, torí ẹni tó pẹ́ ń fún wọn ní àwáwí ni.

Ọ̀rọ̀ owó sísan náà wà. Ní tiwa, a mọ àwìn, a mọ àjọ ojoojúmọ́. Adójútòfò kò mọ àwìn. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2013 ni àjọ NAICOM tó ń mójú tó wọn ti ń fi ọwọ́ líle mú un: ẹni tí kò tíì sanwó, kò sí lábẹ́ àdéhùn. Bí éjéńtì bá ní kí ẹ máa dá a díẹ̀díẹ̀ sọ́wọ́ òun, ẹ mọ̀ pé kò sí ohun tó ń ṣọ́ yín ní gbogbo àkókò tí owó náà kò tíì dé ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́. Àkáǹtì ilé-iṣẹ́ ni kí ẹ san án sí, kì í ṣe ti éjéńtì, kí ẹ sì gba rìsíìtì àti ìwé àdéhùn.

Ta ló wá yẹ kó rà á? Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ má fi ìwé yìí ṣọ́ fóònù kékeré. Fóònù ₦60,000, bí ìwé bá ní kí ẹ fi ara yín gbé ₦20,000 àkọ́kọ́, tí wọ́n tún yọ owó ọjọ́ orí rẹ̀, kí ló kù? Ẹ fi owó náà sínú àjọ. Ṣùgbọ́n láptọ́ọ̀pù ọmọ tó ń gbé e lọ síléèwé lójoojúmọ́, tàbí kámẹ́rà ọmọ tó ń ya fọ́tò níbi ìnáwó, tí èrè oṣù kan kò lè rọ́pò rẹ̀, ìyẹn tó ohun tí à ń fi adójútòfò ṣọ́. Ẹ kọ iye rẹ̀ pé, ẹ kọ iṣẹ́ tó ń ṣe, ẹ mọ ibi tí ìwé náà dé.

Ẹni tí ìwé rẹ̀ bá wà lọ́wọ́ tí kò yé e, kó gbé e wá sí ìpàdé wa, a ó jọ kà á. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ka sí ohun tí wọn kò kà sí i létí ní èdè tó gbọ́.

Ajé á wọlé, òfò kò ní jẹ́ tiwa. 

Akọ̀wé ẹgbẹ́