Lọ́fínńdà Kì í Wẹ Abíyá

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń gbé Dubai àti Sharjah, ìwà kan wà tí a kò lè dákẹ́ sí mọ́. Bí ọmọ bá fẹ́ wọ ilé ìwé girama, a ó mú un lọ sí ọjà lọ́fínńdà ní Deira, a ó ra òróró ùdù fún un, a ó sì fi agolo lọ́fínńdà fífọ́n kan lé e. Bẹ́ẹ̀ ni a kò tíì ra ohun tí ọmọ náà nílò.

Baba kan nínú ìjọ wa ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún méjìlá. Kò pẹ́ tí olùkọ́ fi ránṣẹ́ sí i nítorí òórùn ọmọ náà. Baba bínú, ó ní wọ́n kórìíra aláwọ̀ dúdú ni. A ò sọ pé irú ìkórìíra bẹ́ẹ̀ kò sí, ṣùgbọ́n àwa fúnra wa gbóòórùn ẹ̀wù ọmọ náà: òógùn àná ni, ùdù òní sì gùn ún lẹ́yìn.

Òógùn kì í rùn fúnra rẹ̀. Nígbà tí ọmọ bá ń bàlágà, òógùn mìíràn a bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní abíyá, àwọn kòkòrò àìfojúrí ara a jẹ ẹ́, ibẹ̀ ni òórùn ti wá. Lọ́fínńdà fífọ́n kàn ń bò ó fún ìgbà díẹ̀ ni. Ọṣẹ àti omi ni kí a fi ṣíwájú, kí a sì mú irun abíyá kúrò, èyí tí Ànábì wa kò fẹ́ kí ó kọjá ogójì ọjọ́. Lẹ́yìn náà ni ìpara abíyá tó ń dá òógùn dúró. Ẹ wo ara ìgò rẹ̀: bí ẹ kò bá rí álúmíníọ̀mù, kò lè dá òógùn dúró. Alẹ́ ni kí ọmọ fi í, nígbà tí abíyá bá gbẹ dáadáa, nítorí òógùn ọ̀sán a máa ṣàn án lọ kí ó tó dí ojú ihò òógùn. Kò gbọdọ̀ fi í ní alẹ́ tí ó fárí abíyá, nítorí yóò ta á.

Ẹnìkan yóò ní sunna ni lọ́fínńdà. Sunna ni, ṣùgbọ́n Ànábì kan náà ni ó ní kí ẹni tó jẹ àlùbọ́sà tútù má sún mọ́ mọ́sálásí, kí ó má ba ni ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ lára. Kíláàsì ibí kì í ṣí fèrèsé, ẹ̀rọ amúlétutù ni wọ́n ń lò, ùdù kì í sì í tètè kúrò lára aṣọ. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ Jímọ̀. Fún ilé ìwé, ẹ yan òórùn ọsàn tàbí ọsàn wẹ́wẹ́, èyí tí í tètè lọ. Títètè lọ rẹ̀ gan-an ni a fẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan ni kí ọmọ fọ́n ọn, sí ara síńgílẹ́ẹ̀tì, kí ó tó wọ aṣọ ilé ìwé.

Kí ó má ṣe fi imú ara rẹ̀ díwọ̀n rẹ̀. Imú a máa gbàgbé òórùn tó bá wà lára ẹni, ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ wa fi ń fọ́n ọn léraléra. Kí ìyá dúró ní ọ̀nà ìnàwọ́ kan sí i. Bí ó bá ti ń gbóòórùn rẹ̀ láti ibẹ̀, ó ti pọ̀ jù.

Agolo náà kò gbọdọ̀ sùn nínú ọkọ̀. Wọ́n kọ ọ́ sí ara rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ gbóná kọjá ìwọ̀n 50, ọkọ̀ tí a pa sínú oòrùn oṣù kẹjọ níbí sì ń kọjá bẹ́ẹ̀.