Ẹ Má Fi Àgbẹ̀ Kòkó Dúró De Fọ́ńṣọ̀n

Sí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń kọ áàpù fún àwọn tó ń ra kòkó ní Ọ̀rẹ̀, Odìgbó àti àwọn abúlé tó yí wọn ká.

Ohun tó mú mi kọ lẹ́tà yìí ni àṣà kan tó ti gbilẹ̀ láàárín àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ yìí: gbogbo áàpù tuntun la ń gbé lé orí sáfàlẹ́ẹ̀sì, láìbi ara wa léèrè irú iṣẹ́ tí áàpù náà fẹ́ ṣe àti ẹni tó ń dúró dè é.

Mo mọ ohun tó fà á. Ẹni tó bá háyà sáfà yóò máa san dọ́là lóṣooṣù, ì báà rí oníbàárà, ì báà má rí. Ní ti sáfàlẹ́ẹ̀sì, a kàn máa kọ fọ́ńṣọ̀n sílẹ̀ ni. Amazon tàbí Google ni yóò wá ibi tí yóò ti ṣiṣẹ́, iye ìpè àti àkókò tó bá fi ṣiṣẹ́ nìkan la ó sì sanwó rẹ̀. AWS Lambda, tó jáde lọ́dún 2014, kì í gba owó lórí mílíọ̀nù kan ìpè àkọ́kọ́ lóṣù. Fún ilé-iṣẹ́ kékeré tó ń fi náírà ra dọ́là, ìrànlọ́wọ́ gidi nìyẹn. N kò bá yín jiyàn lórí owó rárá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé fọ́ńṣọ̀n tí ẹnikẹ́ni kò bá pè fún ìgbà díẹ̀, wọn yóò pa á. Bí ìpè mìíràn bá dé, wọ́n á tún wá ààyè fún un, wọ́n á gbé kóòdù rẹ̀ wá, wọ́n á tan èdè tí a fi kọ ọ́, kí òun náà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá dátábéèsì kàn. Ìdádúró yìí là ń pè ní kóòlù-sítáàtì. Amazon ní kì í sábà tó ìpè kan nínú ọgọ́rùn-ún tí í ṣẹlẹ̀ sí, àti pé ó lè máà tó 100 mílísẹ́kọ̀ndì, ó sì lè ju sẹ́kọ̀ndì kan lọ. Ìṣirò yìí lẹ máa ń gbé síwájú ẹni tó gbéṣẹ́ fún yín. Òótọ́ ni, àmọ́ òótọ́ ibi tí èrò ti ń wọ́ ni. Ẹ wo àwọn olóúnjẹ ní Ọ̀rẹ̀, lẹ́bàá ọ̀nà Èkó sí Benin: bọ́ọ̀sì kan ò tíì lọ tán tí òmíràn ti ń dé, ìkòkò kì í kúrò lórí iná. Ẹ wá wọ abúlé kan lọ lẹ́yìn Odìgbó, níbi tí oníbàárà kan ń dé láàárọ̀, tí èkejì ń dé nírọ̀lẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ jẹun níbẹ̀ yóò dúró kí wọ́n dáná. Ilé-iṣẹ́ tó ní òṣùwọ̀n kan péré, tó ń ra kòkó lẹ́ẹ̀mẹjọ lóòjọ́ nígbà tí kòkó kò pọ̀, ó ṣeé ṣe kí ìpè rẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ bọ́ sí kóòlù-sítáàtì.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé ìpè kan. Akọ̀wé gbé àpò kòkó sórí òṣùwọ̀n, ó tẹ 63 kìlò sínú fóònù, ó tẹ bọ́tìnì. Fọ́ńṣọ̀n kìíní wá orúkọ àgbẹ̀, ó pe èkejì kó mú iye owó tòní wá, ìyẹn pe ẹ̀kẹta kó kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá fi sẹ́kọ̀ndì kan àbọ̀ jí, sẹ́kọ̀ndì mẹ́rin àbọ̀ ti lọ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, owó ìdúró tí èyí àkọ́kọ́ ń dúró de àwọn yòókù sì ń ka lọ. Ká ní sẹ́kọ̀ndì márùn-ún lẹ ní kí fóònù dúró mọ. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì abúlé fi díẹ̀ kún un, fóònù sọ pé kò lọ, akọ̀wé tún bọ́tìnì tẹ̀. Ìpè àkọ́kọ́ kò kú o, ó parí iṣẹ́ rẹ̀ lọ́hùn-ún. Èkejì bá gbogbo wọn lójúfò, ó kọ tirẹ̀ náà kíá. Àpò kan ti di méjì nínú ìwé. Bó bá di ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n ka àpò tí kò pé, akọ̀wé ni ọ̀gá yóò kọ́kọ́ fura sí, àwa tí a kọ áàpù kò sì ní sí níbẹ̀ láti gbà á sílẹ̀.

Ó rọrùn láti mọ̀ bóyá ó ń ṣẹlẹ̀. Nínú lọ́ọ̀gì Lambda, ìlà `REPORT` máa ń ní `Init Duration` nígbà tí fọ́ńṣọ̀n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí nìkan. Ẹ kọ èyí sínú CloudWatch Logs Insights:

```
filter @type = "REPORT"
| stats count(*) as gbogbo, count(@initDuration) as tutu by bin(1d)
```

Bí `tutu` bá sún mọ́ `gbogbo`, ẹ má tún sọ ti ìkan nínú ọgọ́rùn-ún mọ́.

Àwọn kan nínú yín ń fi aago pe fọ́ńṣọ̀n ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún kó má baà sùn. Ẹ̀dà kan ṣoṣo nìyẹn ń jí sílẹ̀, ẹ̀dà kan kì í sì í gba ju ìpè kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí akọ̀wé méjì bá tẹ bọ́tìnì pọ̀, ẹnì kejì yóò dúró. Ẹ sì lè sanwó fún Amazon kí ẹ̀dà mélòó kan wà lójúfò nígbà gbogbo, wọ́n ti gbé ìyẹn jáde láti ọdún 2019, ṣùgbọ́n bí a bá ti ń sanwó fún ohun tó jókòó láìṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ mọ́ owó sáfà kékeré kan ná.

Ohun tí mo rò pé ó yẹ ni kí fóònù kọ́kọ́ kọ ọjà náà sínú ara rẹ̀, kó fún un ní nọ́ńbà tirẹ̀, kó sì fún àgbẹ̀ ní rìsíìtì lójú ẹsẹ̀. Iye owó tòní ti wà nínú fóònù láti àárọ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò máa fi ránṣẹ́ ní ìdákẹ́jẹ́, kí dátábéèsì sì kọ̀ nọ́ńbà tó bá ti rí rí. Nígbà náà, kí fọ́ńṣọ̀n fi sẹ́kọ̀ndì mẹ́wàá jí, kò kan ẹnikẹ́ni.

Àṣìṣe kejì ni ti ìṣirò òpin oṣù. Lambda kì í jẹ́ kí fọ́ńṣọ̀n kan ṣiṣẹ́ ju ìṣẹ́jú 15 lọ. Ká ní àgbẹ̀ 6,000 la fẹ́ ṣírò owó wọn, tí a ó sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ẹnì kan ń gba ìdá kan nínú márùn-ún sẹ́kọ̀ndì. Ìṣẹ́jú 20 nìyẹn. Nígbà tó bá dé orí ẹni 4,500, wọn yóò pa á, lọ́ọ̀gì yóò sì kọ `Task timed out after 900.00 seconds`. Bó bá jẹ́ pé aago EventBridge ló pè é, Lambda yóò tún un gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì, láti orí ẹni àkọ́kọ́. Àgbẹ̀ 4,500 yóò gba àtẹ̀jíṣẹ́ kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, 1,500 tó kẹ́yìn kò ní rí nǹkan kan láéláé. Ẹ fojú inú wò ó bó bá jẹ́ owó la ń fi ránṣẹ́.

Iṣẹ́ yẹn gan-an sì bá sáfàlẹ́ẹ̀sì mu bí a bá gé e. Kí fọ́ńṣọ̀n kan to orúkọ àwọn àgbẹ̀ sórí ìlà SQS, kí òmíràn máa mú mẹ́wàá mẹ́wàá níbẹ̀, kó sàmì sí ẹni tó bá ti ṣe tán kó má baà tún un ṣe. Sẹ́kọ̀ndì méjì ni mẹ́wàá yóò gbà, mẹ́wàá tó bá kùnà nìkan ni yóò padà sórí ìlà. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbígba ìròyìn láti ọ̀dọ̀ báǹkì pé owó ti wọlé, tàbí dídín fọ́tò àpò kòkó kù: iṣẹ́ kúkúrú, tí ó ń dé nígbà tó bá wù ú, tí ènìyàn kan kò dúró níwájú rẹ̀.

Kí kòkó tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ lóṣù kẹwàá, mo bẹ̀ yín, ẹ ṣe ìwádìí lọ́ọ̀gì yẹn fún àwọn oṣù tí ọjà dá, kí ẹ sì fi nọ́ńbà méjèèjì han ẹni tó ń sanwó fún yín. Bí ọ̀gá kan bá sì ti dá akọ̀wé rẹ̀ dúró nítorí àpò tí kò pé, ẹ wá inú dátábéèsì bóyá àpò méjì wà níbẹ̀ tí kìlò wọn, àgbẹ̀ wọn àti ìṣẹ́jú wọn jẹ́ ọ̀kan náà.