“Níbo lo ti fẹ́ rí ìwé ẹ̀?”

Nígbà tí mo ní Kóòtù Aṣípa ni mo fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá mi, ẹ̀rín ni wọ́n fi dá mi lóhùn nínú yàrá wa ní Tánkẹ. “Níbo lo ti fẹ́ rí ìwé ẹ̀?” Ẹni tó bi mí mọ eré Akínwùmí Ìṣọ̀lá bí ẹni mowó. Mo gbà fún un. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún un pé eré tí kò ní ìwé kò yẹ fún iṣẹ́ àṣekágbá?

Oyin Adéjọbí àti ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn tó ṣe Kóòtù Aṣípa lórí NTA Ìbàdàn, kì í kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ kí òṣèré há a sórí. Ọ̀gá á sọ ìtàn, á sọ ẹni tí kálukú jẹ́ àti ibi tí ìjà máa dé, òṣèré á wá wá ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Karin Barber, òyìnbó tó bá wọn ṣeré, ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé tó gbé jáde ní 2000. Lórí ìtàgé, ọ̀rọ̀ tó bá pa èrò lẹ́rìn-ín lónìí, òṣèré á tún un sọ lọ́la, èyí tí kò bá dùn á gbà á sílẹ̀. Èrò ìwòran náà bá wọn kọ eré yẹn, ẹ̀yin ará.

Àwọn kan ní ìjọba ló pa eré àtijọ́ rẹ́. Kì í ṣe irọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n kò tó. Téèpù tí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ń lò nígbà náà wọ́n, ó sì ṣeé tún lò, nítorí náà ó wọ́pọ̀ kí wọ́n gba eré tuntun lé ti àtijọ́ lórí. BBC pàápàá ṣe bẹ́ẹ̀ sí Doctor Who. Tí téèpù bá wá lọ, tí kò sì sí ìwé, ẹnu àwọn tó wò ó ló kù.

Ẹnu ọ̀hún náà la ń bà jẹ́ lórí fóònù. Ẹ ó rí ẹni tó ń pín gbólóhùn kan pé Bàbá Sàlá ló sọ ọ́ lórí WNTV, àṣé inú Ọ̀run Móoru ló ti gbọ́ ọ, sinimá tí Ọlá Balógun darí ní 1982! Tẹlifíṣọ̀n kọ́ nìyẹn.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí ni pé mò ń bi àwọn àgbà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ọ̀kan má baà gbọ́ ti èkejì. Mo máa ń bi wọ́n pé ilé ta ni wọ́n ti wò ó, ṣé tẹlifíṣọ̀n ni àbí fídíò. Gbólóhùn tí ẹni méjì tí wọn ò mọra bá sọ bákan náà, mo kọ ọ́. Èyí tí wọn ò bá fi jọra, mo kọ méjèèjì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo kó ìyá àgbà mi àti ẹ̀gbọ́n wọn jọ lẹ́yìn tí mo ti bi wọ́n tán. Àwọn méjèèjì rántí aago ńlá tí Bàbá Sàlá fi ṣe aago ọwọ́. Ohun tó fi ẹnu sọ ni wọ́n ń jiyàn lé lórí títí NEPA fi mú iná.