Ipá, Okun, Agbára: Ẹ Má Jẹ́ Ká Fi Orúkọ Kan Pe Mẹ́ta

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì la fẹ́ sọ lónìí. Ní 1970 ni ètò tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa darí ní Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì, àmọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló mọ sí. Bí a bá wá fẹ́ túmọ̀ ìwé físíìsì ti sẹ́kọ́ńdìrì, ibi tí wàhálà ti máa kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ni ohun tí tíṣà ń pè ní fọ́ọ̀sì, ẹ́nájì àti páwà.

Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, agbára la ń pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tó lè ti mọ́tò lágbára. Ẹni tí ebi ń pa, agbára ti tán lára rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ tó ń gbé ẹ̀rọ amúlétutù lágbára. Kò sóhun tó burú níbẹ̀ lẹ́nu wa, ṣùgbọ́n nínú físíìsì, nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Èrò tiwa ni pé kí ìwé pe fọ́ọ̀sì ní ipá, kí ó pe ẹ́nájì ní okun, kí ó sì fi agbára sílẹ̀ fún páwà nìkan. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni wọ́n o, iṣẹ́ tuntun la kàn fún wọn.

Ẹ jẹ́ ká fi kànga ṣàlàyé ẹ̀. Ká ní kànga kan jìn ní mítà 6. Bọ́ọ̀kẹ́ẹ̀tì tó kún fún omi wọn kílò 10. Ilẹ̀ ń fà á sísàlẹ̀, ó dẹ̀ ń fà á pẹ̀lú ipá tó tó níútìn 100, torí kílò kan máa ń gba bíi níútìn 10. Ẹni tó ń fà á sókè náà gbọ́dọ̀ fa tó níútìn 100. Ipá nìyẹn: fífà tàbí títì, tó ní ibi tó kọjú sí.

Kí omi tó dé òkè, ẹ fi ipá náà lọ́nà mítà 6: 100 lọ́nà 6 jẹ́ júùlù 600. Okun tó kúrò lára ẹni tó fà á, tó bọ́ sára omi, nìyẹn. Okun ṣeé tọ́jú: ó wà nínú ẹ̀bà tá a jẹ, nínú bẹ́ntíróò, nínú bátìrì.

Wàyí o, Táíwò fà á láàárín sẹ́kọ́ńdì 10, Kẹ́hìndé lo 20. Ipá kan náà ni, okun kan náà ni. Agbára ló yàtọ̀: ẹ pín 600 sí 10, ti Táíwò jẹ́ wáàtì 60, ẹ pín in sí 20, ti Kẹ́hìndé jẹ́ wáàtì 30. Agbára ni bí okun ṣe ń yára lọ tó. Ọmọ tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ agbára láì mẹ́nu kan àkókò, kò tíì yé e.

Ilé ni ẹ ti lè dán an wò. Áyọ́ọ̀nù tí wọ́n kọ wáàtì 1000 sí lára, agbára rẹ̀ nìyẹn. Bó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan gbáko, yúníìtì kan ti lọ nínú mítà. Nítorí náà okun la ń rà nígbà tá a bá ra káàdì iná, kì í ṣe agbára. Gílóòbù oníwáàtì 10 máa lo yúníìtì kan náà fún 100 wákàtí.

Ohun tó kù ni àmì ohùn. Bí atẹ̀wé bá yọ ọ́ kúrò, okun, okùn àti òkun di ọ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ okùn la fi ń fa omi kànga yẹn! Ní Lọ́kọ́jà níbí, Okun tún jẹ́ orúkọ àwọn ará wa láti Kàbà, Ìjùmú àti Yàgbà, látara bí wọ́n ṣe ń kíra wọn. Ipá náà sì rèé: bí ẹ bá gbé àmì rẹ̀ gbòdì, ó di ìpá, àìsàn, ẹ̀rín á sì sọ ní kíláàsì.

Kò tán síbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ṣì ń lò fún ìdánwò Wáẹ́ẹ̀kì. Kí ìwé náà máa kọ́ ọmọ pé ipá ni fọ́ọ̀sì, okun ni ẹ́nájì, agbára ni páwà, kó má bàa dé gbọ̀ngàn ìdánwò kó máa wojú òrùlé. Kí ó sì lo ọ̀rọ̀ kan náà láti ojú ìwé àkọ́kọ́ títí dé ìkẹyìn. Ìwé tó pe ẹ́nájì ní okun lónìí, tó pè é ní agbára lọ́la, ìdàrúdàpọ̀ ló ń kọ́ ọmọ.

Ẹ̀yin òbí àti tíṣà, ẹ bi àwọn ọmọ yín lálẹ́ yìí: nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èwo la ń rà nínú káàdì iná? Ẹ jẹ́ ká gbọ́ èsì wọn o.