A Ti Yọ Ọ́ Nípò, Ṣùgbọ́n Ṣé Bánkì Mọ̀?

Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ àti ìjọ kéékèèké ní ilẹ̀ Ìgbómìnà gbà pé bí ìpàdé bá ti yan akápò tuntun, ọ̀rọ̀ ti parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bánkì kò bá wa jókòó nípàdé. Ìwé àṣẹ tí a fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Títí ìwé mìíràn yóò fi dé ọwọ́ rẹ̀, ẹni tí a yọ lánàá ṣì lè fọwọ́ sí sọ̀wédowó lónìí, bánkì yóò sì sanwó.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹgbẹ́ àwọn ìyá kan ní Èsìẹ́ ní àkáǹtì sí bánkì ní Ọ̀mù-Àrán. Alága, akọ̀wé àti akápò ló ń buwọ́lùwé, ẹni méjì nínú wọn sì tó láti gbowó. Nígbà tí akápò kó lọ sí Ìlọrin, ìpàdé gbọ́dọ̀ kọ ìpinnu sílẹ̀: ọjọ́ ìpàdé, orúkọ ẹni tó ń lọ, orúkọ ẹni tó ń bọ̀, àti iye ẹni tí yóò máa fọwọ́ sí i. Alága àti akọ̀wé á buwọ́ lu ìpinnu náà. Wọn á fi lẹ́tà sí mánijà bánkì lé e, pẹ̀lú orúkọ àti nọ́ńbà àkáǹtì, wọn á sì fọwọ́ sí i bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ sí sọ̀wédowó.

Akápò tuntun fúnra rẹ̀ ni yóò lọ sí bánkì. Kó mú fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, káàdì ìdánimọ̀, ẹ̀rí àdírẹ́sì àti BVN rẹ̀ dání, kó sì buwọ́lùwé níṣojú òṣìṣẹ́ bánkì. Ẹ gba ẹ̀dà lẹ́tà tí bánkì lu òǹtẹ̀ lé. Ìyẹn ni ẹ̀rí ọjọ́ tí wọ́n gbọ́.

Ibi tí ọ̀ràn ti máa ń bàjẹ́ ni pé a yọ orúkọ, a kò yọ fóònù. Bí àláàtì bá ṣì ń lọ sórí fóònù akápò àtijọ́, iṣẹ́ kò tíì parí. Ẹ béèrè ìwé sọ̀wédowó lọ́wọ́ rẹ̀, pàápàá èyí tí ẹlòmíràn ti buwọ́ lù sílẹ̀ lófìfo. Lẹ́yìn náà, ẹ gba sítétimẹ́ǹtì, kí ẹ wo owó tó jáde lẹ́yìn ọjọ́ òǹtẹ̀ náà.

Èrò mi ni pé kí orúkọ mẹ́ta wà, kí méjì máa fọwọ́ sí i. Bó bá jẹ́ ẹni méjì péré, tí àwọn méjèèjì sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, ikú ẹnì kan ti ti owó ìjọ mọ́lé títí ìwé tuntun yóò fi dé. Bó bá sì jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo, kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Pọ́ọ̀lù kò rán ẹnì kan ṣoṣo pẹ̀lú ọrẹ àwọn ará. Ìwé Kọ́ríńtì kejì, orí 8, sọ ìdí rẹ̀.

Ní 2020, àwọn ìjọ pariwo lórí abala 839 òfin CAMA, tó fún àjọ CAC lágbára láti dá àwọn alámòójútó ìjọ dúró. Ó yẹ kí a sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ìjọba tó ní kí a fi orúkọ ẹni tó ti kúrò sílẹ̀ ní bánkì. Ọwọ́ wa ni ìyẹn wà.