Ẹ Dúró sí 19
Ta ló ní ká fi 2 títí dé 396 pín 397 ká tó mọ̀ pé práìmù ni? Àwa ò gbà o. Bí nọ́ńbà méjì bá para pọ̀ bí 397, àwọn méjèèjì ò lè ju 19 lọ, torí 20 lọ́nà 20 ti di 400. Ọ̀kan á wà nísàlẹ̀. Ẹ fi 2, 3, 5, 7, 11, 13, 17 àti 19 pín in: gbogbo rẹ̀ ló ń ṣẹ́kù. Ó tán!

Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ `i*i < n` yóò pe 361 ní práìmù, bẹ́ẹ̀ 19 lọ́nà 19 ni. `i*i <= n` ló tọ̀nà.

Bó bá jẹ́ gbogbo práìmù dé 400 lẹ fẹ́, asẹ́ Ẹratọ́sítínì ni kẹ́ ẹ lò: ẹ pa ìlọ́po práìmù kọ̀ọ̀kan rẹ́, ẹ dúró sí 19 náà.