Òróró Tí Wọ́n Ní Kò Lọ́ràá

Gbogbo ẹni tó ti din àkàrà rí ló mọ̀ pé ọ̀rá ni òróró látòkè délẹ̀. Síbẹ̀, ní Amẹ́ríkà, agolo òróró tí à ń fín sínú páànù wà lórí igbá, wọ́n sì kọ ọ́ sí i lára pé kò lọ́ràá, pé kálórì rẹ̀ jẹ́ òdo. Ẹni tó kọ ọ́ kò rú òfin. Òfin náà gan-an ni a ń bá ṣẹjọ́.

Ohun tí òfin ọ̀hún sọ ni pé bí ọ̀rá inú ìwọ̀n tí èèyàn ń lò lẹ́ẹ̀kan kò bá tó ìlàjì gíráàmù, wọ́n lè pè é ní aláìlọ́ràá. Bí kálórì rẹ̀ kò bá sì tó 5, wọ́n lè kọ òdo. Ó wá ku kí wọ́n bu ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan náà kéré. Lára irú agolo yìí, ohun tí wọ́n ń pè ní ẹ̀ẹ̀kan ni kéèyàn fín in fún ìdá kan nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá. Òróró tó jáde kò ju ìdá kan nínú mẹ́rin gíráàmù lọ. Kálórì 9 ló wà nínú gíráàmù ọ̀rá kan, nítorí náà ìwọ̀n yẹn ní kálórì 2 àti díẹ̀. Díẹ̀ yẹn ni wọ́n sọ di òdo.

Ta ló ń fín òróró báyẹn? Ká tó gbé ìka kúrò, àsìkò náà ti kọjá. Nígbà tí dókítà ní kí ìyàwó mi máa ṣírò kálórì, mo gbé páànù sórí òṣùwọ̀n oúnjẹ, mo ní kó fín in bó ṣe máa ń ṣe tó bá fẹ́ din ẹyin. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Gíráàmù 4 ló wọlé. Ẹ̀ẹ̀kan wọn lọ́nà 16 nìyẹn, kálórì 36.

Ẹ yí agolo padà, ẹ wo ohun tí wọ́n fi ṣe é. Ẹ ó rí òróró níwájú, pẹ̀lú ìràwọ̀ kékeré kan tó ń tọ́ka sí ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi lẹ́tà wínníwínní kọ ọ́ pé ọ̀rá tó fi kún oúnjẹ kò tó nǹkan. Agolo gíráàmù 170 pín sí ẹ̀ẹ̀kan bẹ́ẹ̀ lọ́nà 680. Òdo lọ́nà 680, òdo náà ni. Ṣùgbọ́n kálórì inú agolo náà lé ní 1,000.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ nù. Ṣíbí ìjẹun kan òróró tí a dà sí páànù lé ní kálórì 100, fífín ṣì sàn jù. Òdo yẹn ni kí wọ́n pa rẹ́.

Àwọn èèyàn wa tó wà ní Pẹ́kàmù kì í rí irú rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gíráàmù 100 ni wọ́n fi ń díwọ̀n: oúnjẹ tí ọ̀rá inú rẹ̀ bá ju ìlàjì gíráàmù lọ nínú 100 kò gbọdọ̀ pe ara rẹ̀ ní aláìlọ́ràá. Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ ìjọba Amẹ́ríkà nìyẹn: kí iye ti gíráàmù 100 wà lára gbogbo agolo, kí ó sì jẹ́ òun ni wọn yóò fi yẹ ọ̀rọ̀ ọlọ́jà wò.

Ní báyìí ná, ìyàwó mi ń kọ 36 sínú ìwé rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹyin.